Èwo ló ti ọ̀dọ̀ Google wá nínú ímeèlì méjì yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ímeèlì méjì wọlé sórí fóònù mi, orúkọ Google ló wà lára àwọn méjèèjì. Tọ̀sán ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ̀ǹpútà Windows wọ àkáǹtì mi. Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé kan ṣí láìbéèrè pásíwọọ̀dù, ó ní Èkó ló gbé jáde, bẹ́ẹ̀ mi ò kúrò nílùú lọ́sẹ̀ yẹn. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Ṣábó nìkan ni mo dé, mo ṣí ímeèlì mi níbẹ̀ kí wọ́n lè bá mi tẹ ìwé jáde. Talẹ́ ní wọ́n máa ti àkáǹtì mi pa láàárín wákàtí 24 bí mi ò bá tẹ bọ́tìnnì kan. Tọ̀sán yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Èwo ni ayédèrú, kí ni mo sì máa fi mọ̀ ọ́n nígbà míì?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó jọ pé èyí tó bà yín lẹ́rù jù gan-an ni òótọ́, talẹ́ ni ayédèrú. Kọ̀ǹpútà Ṣábó yẹn ni mo fura sí fún tọ̀sán, màá sì sọ bí Èkó ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n "ó jọ pé" ni mo sọ, torí èmi kọ́ ni mo ni àkáǹtì náà. Ẹ̀yin lẹ lè rí ibi tí ẹ̀rí wà, kò sì ní gbà yín ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé bí ímeèlì náà ṣe rí lójú. Àmì Google tó wà lókè rẹ̀, àwọ̀ bọ́tìnnì, àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni èèyàn lè dà kọ láìfi lẹ́tà kan sílẹ̀. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni pé kí a máa wo Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, pé tí Gẹ̀ẹ́sì bá wọ́, oníjìbìtì ni. Ìmọ̀ràn yẹn ti kú. Ojúlówó álẹ́ẹ̀tì Google ni àwọn ọmọ yàhúù máa ń gbà sílẹ̀ lódindi báyìí, ibi tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń gbé èèyàn lọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Bí ẹ bá fi ẹwà ímeèlì ṣe òṣùwọ̀n, ẹ máa gba ayédèrú tó dán gbọ́, ẹ sì lè ju ojúlówó sínú ààtàn.

Ibi tí ẹ̀rí wà ni inú àkáǹtì yín fúnra rẹ̀. Bí Google bá rí i pé ẹnìkan wọlé láti orí ẹ̀rọ tuntun, ohun méjì ló máa ń ṣe: ó máa fi ímeèlì ránṣẹ́, ó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tó wà nínú àkáǹtì náà. Oníjìbìtì lè ṣe ayédèrú ìkíní. Èkejì, kò lè dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti wọlé tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ímeèlì méjèèjì sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, ẹ má tẹ ohunkóhun nínú wọn, kí ẹ sì gba ọ̀nà tiyín wọlé.

Lórí fóònù yín, ẹ ṣí áàpù Gmail. Ẹ tẹ àwòrán kékeré tàbí lẹ́tà orúkọ yín tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ wá tẹ "Manage your Google Account". Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Security" sí (lórí fóònù míì, "Security & sign-in" ni wọ́n kọ). Níbẹ̀ ni ẹ máa rí "Recent security activity". Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ààbò àkáǹtì náà láàárín ọjọ́ 28 ló wà níbẹ̀: ẹ̀rọ tuntun tó wọlé, pásíwọọ̀dù tí wọ́n yí padà, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi kún un tàbí tí wọ́n yọ. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ lò, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ èyí síbi àdírẹ́sì:

```
myaccount.google.com/notifications
```

Ẹ wá fi ohun tí ẹ rí níbẹ̀ wé ohun tí ímeèlì kọ̀ọ̀kan sọ. Ímeèlì ọ̀sán ní kọ̀ǹpútà Windows wọlé. Bí ẹ bá rí Windows lọ́jọ́ Ajé, tí aago rẹ̀ sì bọ́ sí ìgbà tí ẹ wà ní Ṣábó, Google ló fi ránṣẹ́, ẹ̀yin náà lẹ sì wọlé. Ímeèlì alẹ́ ní wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì pa. Ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ kò ní wà nínú ímeèlì nìkan, kí inú àkáǹtì má ní àmì kankan lórí rẹ̀. Bí ojú ìwé "Security" bá dákẹ́ rọ́rọ́ nípa rẹ̀, ẹjọ́ ímeèlì alẹ́ ti parí níbẹ̀.

Ó ní ibi tí ọ̀nà yìí kò dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó má baà ṣì yín lọ́nà. Kì í ṣe gbogbo ímeèlì òótọ́ láti ọ̀dọ̀ Google ló ń wọ àkọsílẹ̀ yẹn. Bí àyè tí ẹ ń kó fọ́tò sí bá ti fẹ́ kún, wọ́n máa kọ̀wé sí yín, ọ̀rọ̀ ààbò kọ́ nìyẹn. Bákan náà, láti oṣù December 2023, Google bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún méjì rẹ́, wọ́n sì máa ń fi ìkìlọ̀ tó ní gbèdéke ránṣẹ́ kí wọ́n tó ṣe é. Ìkìlọ̀ tó ní gbèdéke, tó sì jẹ́ òótọ́, nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, kì í ṣe wákàtí 24, ẹni tó sì ń ṣí Gmail rẹ̀ lójoojúmọ́ bíi tiyín kò sí lára àwọn tí wọ́n ń bá wí. Èkẹta ni pé ọmọ tàbí àbúrò lè ti fi ímeèlì yín ṣe àdírẹ́sì ìmúpadà, èyí tí wọ́n fi ń gba àkáǹtì tó bọ́ sọnù padà, fún àkáǹtì tirẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí tirẹ̀, ẹ̀yin náà máa gbọ́, ẹ ò sì ní rí i nínú àkọsílẹ̀ tiyín. Ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n dárúkọ nínú ímeèlì náà dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ó kan ọ̀rọ̀ Èkó. Google kò mọ̀ pé Ṣábó lẹ wà. Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì fún ẹ̀rọ tí ẹ fi wọ íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló rí, ó sì ń fi nọ́ńbà yẹn méfò ìlú. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù tí à ń ra dátà lọ́wọ́ wọn máa ń kó ìrìn-àjò dátà jọ gba ojú ọ̀nà díẹ̀, Èkó ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì, Èkó náà sì ni ìwé àkọsílẹ̀ ayé máa ń kọ fún nọ́ńbà wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jókòó sí Modákẹ́kẹ́ tàbí Iléṣà fi ń rí Èkó nínú álẹ́ẹ̀tì òun fúnra rẹ̀. Ẹ má fi orúkọ ìlú nìkan dá ẹjọ́ láàárín Nàìjíríà. Irú ẹ̀rọ tó wọlé àti aago tó wọlé ni kí ẹ tẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ ìlú òkè òkun ló gbé jáde, tàbí Windows wọlé ní aago mẹ́ta òru tí ẹ ti sùn, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Pé álẹ́ẹ̀tì ọ̀sán jẹ́ òótọ́ kò wá ní kí ẹ lọ sinmi o. Kọ̀ǹpútà Ṣábó lè ṣì wà nínú àkáǹtì yín títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá ti ojú ìwé ímeèlì pa láìtẹ "Sign out" kò tíì jáde, oníbàárà tó tẹ̀ lé e lórí àga yẹn lè ṣí i kó bá gbogbo lẹ́tà yín níbẹ̀. Nínú "Security" kan náà, ẹ lọ sí "Your devices", ẹ tẹ "Manage all devices", ẹ wá kọ̀ǹpútà Windows yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ "Sign out". Láti orí fóònù yín ni ẹ ti ń lé e jáde, kò di dandan kí ẹ padà sí Ṣábó. Lẹ́yìn náà, ẹ yí pásíwọọ̀dù padà, torí Chrome máa ń béèrè bóyá kó tọ́jú pásíwọọ̀dù tí wọ́n bá tẹ̀ sínú rẹ̀. Bí ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ bá ti tẹ "Save" láìbìkítà, ó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn tí ẹ lé e jáde. Nígbà míì, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ímeèlì bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti orí fóònù yín, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde níbẹ̀. Bó bá jẹ́ WhatsApp lẹ tún ṣí lórí ẹ̀rọ wọn, ẹ wo "Linked devices" nínú WhatsApp yín, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku ímeèlì alẹ́. Àkọsílẹ̀ ti dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ fẹ́ máa dá a mọ̀ fúnra yín, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Nínú Gmail, ẹ ṣí i, kí ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "to me" lábẹ́ orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Orúkọ tó hàn gàdàgbà, bóyá "Google Security Team", kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó sì lè kọ orúkọ Ọọ̀ni síbẹ̀ bó bá wù ú. Àdírẹ́sì tó ní àmì @ láàárín ni kí ẹ wò. Álẹ́ẹ̀tì ààbò Google máa ń ti ibí yìí wá:

```
no-reply@accounts.google.com
```

Bí ẹ bá rí gmail.com lẹ́yìn àmì @, ẹnikẹ́ni láyé ló lè ṣí irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Google kì í fi àdírẹ́sì gmail.com lásán kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí bọ́tìnnì ń lọ. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ pẹ́, ẹ má kàn án kí ẹ sì sáré gbé ìka. Àdírẹ́sì tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ máa yọ, kò sì ní tíì ṣí. Kíkà àdírẹ́sì yìí ló ń yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, torí apá òsì la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, oníjìbìtì náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí:

```
https://accounts.google.com.idaniloju.example/signin
```

Ojú tó sáré máa rí "accounts.google.com", ọkàn á sì balẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kà á rèé: ẹ fo `https://` kọjá, ẹ wá sílááṣì kan ṣoṣo tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, kí ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ sì máa padà sápá òsì. Ọ̀rọ̀ méjì tó sún mọ́ sílááṣì yẹn jù, tí dọ́ọ̀tì kan wà láàárín wọn, ni orúkọ ẹni tó ni ojúlé náà. Níhìn-ín, `idaniloju.example` ni. Ohun tó bá wà lápá òsì rẹ̀, ẹni tó ni í ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi ṣe ọ̀ṣọ́, ó lè kọ google síbẹ̀, ó lè kọ orúkọ báńkì yín. (Èmi ló fi `.example` parí rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ra orúkọ tó parí báyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ bọ́ sínú wàhálà.) Ohun tó wà lẹ́yìn sílááṣì náà kò ní àṣẹ kankan. `https://idaniloju.example/accounts.google.com` ṣì jẹ́ ti `idaniloju.example`. Àmì dáàṣì pẹ̀lú kì í ṣe dọ́ọ̀tì, `google-accounts.example` kò bá Google tan. Fún àwọn ojúlé Nàìjíríà tó parí sí .com.ng, .gov.ng tàbí .edu.ng, ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ máa kà dípò méjì, bíi `oauife.edu.ng` tó jẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí àmì àgádágodo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì tàn yín. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ ohun tí ẹ̀yin àti ojúlé náà ń bá ara yín sọ lójú ọ̀nà. Kò sọ pé olóòótọ́ ló wà lápá kejì. Ojúlé oníjìbìtì náà ń gba àgádágodo, ọ̀fẹ́ ló sì ń gbà á.

Nígbà míì, kò ní sí bọ́tìnnì rárá, fáìlì ni wọ́n máa so mọ́ ímeèlì náà, tí orúkọ rẹ̀ parí sí .html tàbí .htm. Bí ẹ bá ṣí i, ojú ìwé tó ń béèrè pásíwọọ̀dù máa yọ, ibi àdírẹ́sì á sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `file://` tàbí `content://`, torí inú fóònù yín ló wà. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí líǹkì má baà sí nínú ímeèlì tí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè rí mú. Álẹ́ẹ̀tì ààbò Google kì í kó fáìlì lọ́wọ́.

Ẹ lè wá ní bí àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́ bá ti jẹ́ no-reply@accounts.google.com gan-an, ó ti tán nìyẹn. Kò tíì tán, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù. Nígbà tí ẹ bá ṣí kúlẹ̀kúlẹ̀ ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí ìlà méjì: "mailed-by" ń sọ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà, tó gbé e wá, "signed-by" ń sọ ẹni tó buwọ́ lù ú. Ìbuwọ́lùwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, ìṣirò ni, ọmọ yàhúù kò lè dá a ṣe ní orúkọ Google. Ojúlówó álẹ́ẹ̀tì Google máa ń gbé "signed-by: accounts.google.com", "mailed-by" rẹ̀ náà á sì parí sí google.com.

Ní oṣù April 2025, àwọn kan rí ihò níbẹ̀. Wọ́n ra orúkọ ojúlé kan, wọ́n fi ṣí àkáǹtì Google tiwọn, wọ́n sì forúkọ áàpù kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google. Níbi tí ó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ áàpù náà, odindi lẹ́tà ìhàlẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀: pé ilé-ẹjọ́ ti pàṣẹ kí Google kó ohun tó wà nínú àkáǹtì yín jáde, àti líǹkì tí ẹ máa tẹ̀ láti takò ó. Wọ́n wá gba áàpù yẹn láyè wọ àkáǹtì ara wọn. Google, bó ṣe máa ń ṣe, fi álẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí wọn pé áàpù tó ń jẹ́ báyìí-báyìí ti gbàyè wọlé, lẹ́tà ìhàlẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ áàpù. Google fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú. Ohun tó kù fún wọn ni láti gbé e ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn láìyí lẹ́tà kan padà. Bí ìwé tí ọ̀gá ilé-ìwé ti buwọ́ lù fún ọmọ kan, tí ẹlòmíì wá lọ jù sẹ́nu ọ̀nà yín: ìbuwọ́lùwé ọ̀gá ni lóòótọ́, ọ̀gá kọ́ ló rán an sí yín. Gmail tilẹ̀ tò ó mọ́ àwọn ojúlówó álẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó gbà á ti ní tẹ́lẹ̀. Google ti dí ihò yẹn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣì tú wọn fó. "Signed-by" ní accounts.google.com, "mailed-by" ní privateemail.com, sáfà tí kì í ṣe ti Google. Líǹkì inú rẹ̀ sì lọ sí sites.google.com.

Sites.google.com jẹ́ ti Google lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bí a ṣe ní kí ẹ ka àdírẹ́sì ṣe máa sọ. Àmọ́ ilé tí Google kọ́ fún gbogbo ayé láti yá ni, ẹnikẹ́ni ló lè gbé ojú ìwé tirẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Bákan náà ni docs.google.com tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù sí. Nítorí náà, fún Google, "google.com" nìkan kò tó. Ojú ìwé tó bá béèrè pásíwọọ̀dù Google lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ wà ní `accounts.google.com`, kí sílááṣì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Àti pé kódà ẹni tí ímeèlì yẹn dán mú jù, bó bá ti gba ọ̀nà tirẹ̀ wọ "Recent security activity", kò ní bá ilé-ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe láti ibi kíka àdírẹ́sì.

Ọmọ yín tẹ ímeèlì ọ̀sán, ojú ìwé sì ṣí sórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láìbéèrè pásíwọọ̀dù. Àmì rere nìyẹn, torí fóònù yín ti wà nínú àkáǹtì tẹ́lẹ̀, Google dá a mọ̀. Ojúlé ayédèrú kò lè mọ ohun tó wà nínú àkáǹtì yín, béèrè ló máa béèrè. Ṣùgbọ́n Google náà lè ní kí ẹ tún tẹ pásíwọọ̀dù kí ẹ tó yí nǹkan pàtàkì padà, torí náà ẹ má fi ìyẹn nìkan ṣe ìdájọ́. Ohun tó dá mi lójú ju ojú èèyàn lọ ni pásíwọọ̀dù tí fóònù fúnra rẹ̀ tọ́jú. Kì í wo àmì, kì í wo àwọ̀, orúkọ ojúlé ló máa ń fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí fóònù bá ti máa ń kọ pásíwọọ̀dù náà fúnra rẹ̀, tó wá dé ojú ìwé kan tó dákẹ́, ẹ dákẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ má fọwọ́ kọ ọ́ síbẹ̀.

Bí ẹ bá lo kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù kún pásíwọọ̀dù, ó dára, kò sì tó láti gbà yín lọ́wọ́ ojú ìwé ayédèrú. Bí ẹ ṣe ń tẹ pásíwọọ̀dù síbẹ̀ ni ẹ̀rọ oníjìbìtì ń gbé e lọ sí Google lọ́hùn-ún, Google á fi ojúlówó kóòdù ránṣẹ́ sí yín, G- àti nọ́ńbà mẹ́fà, inú yín á dùn pé kóòdù dé láti ọ̀dọ̀ Google, ẹ̀yin náà á sì tún tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé kan náà. Ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti wọlé. Ojúlówó kóòdù tó dé kò sọ pé ojú ìwé tó wà níwájú yín jẹ́ ojúlówó. Bí ẹnìkan bá sì pè yín pé òun wà ní Google, kí ẹ ka kóòdù fún òun láti dá àkáǹtì dúró, ẹ pa fóònù. "Passkeys" tó wà nínú "Security" ló ń dí ihò yìí pátápátá: ìka tàbí ojú yín lẹ máa fi ṣí i, fóònù kò sì ní lò ó fún orúkọ ojúlé tó yàtọ̀ sí ti Google, bó ti wù kó jọ ọ́ tó.

Bó bá ṣe pé ẹ ti tẹ bọ́tìnnì alẹ́ yẹn, ojú ìwé ṣí, ẹ sì pa á láìkọ nǹkan kan, kò sí pásíwọọ̀dù tó bọ́ lọ́wọ́ yín, bí ẹ ò bá ti gba áàpù kankan láyè láti ibẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ pásíwọọ̀dù, ẹ gba ọ̀nà tiyín wọ "Security" lójú ẹsẹ̀ kí ẹ yí i padà, kí ẹ wá wo "Your devices" kí ẹ lé ẹ̀rọ tí ẹ ò mọ̀ jáde. Ẹ yẹ nọ́ńbà àti ímeèlì ìmúpadà wò, bóyá wọ́n ti fi tiwọn síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró síbẹ̀, wọ́n á gbàgbé inú Gmail. Ẹ yá kọ̀ǹpútà tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, torí áàpù fóònù kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn, ẹ lọ sí "Settings", "See all settings", kí ẹ wo "Filters and Blocked Addresses" àti "Forwarding and POP/IMAP". Ibẹ̀ ni olè máa ń kọ òfin sí pé kí gbogbo lẹ́tà báńkì máa lọ sọ́dọ̀ òun, tàbí kí wọ́n máa pa rẹ́ kí ẹ tó rí i. Pásíwọọ̀dù tuntun kò pa òfin yẹn rẹ́. Bí pásíwọọ̀dù yẹn bá sì ni ẹ ń lò níbòmíì, ẹ yí i padà níbẹ̀ náà.

Bí olè bá ti ṣáájú yín yí pásíwọọ̀dù padà, ẹ tẹ g.co/recover láti orí fóònù tí ẹ ti ń lò tipẹ́, nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, torí Google máa ń ka ẹ̀rọ àti ibi tó mọ̀ sí ẹ̀rí. Bó bá ti pààrọ̀ nọ́ńbà ìmúpadà yín, Google ṣì lè fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àtijọ́ fún ọjọ́ méje. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ẹ máa ṣe é lẹ́yìn ọdún.

Ẹ̀yà ayédèrú tó ń wọlé bí tẹ́ẹ̀sì, tó ń jẹ́ orúkọ báńkì, kò ní "signed-by" tí ẹ lè yẹ̀ wò rárá. Orúkọ tó wà lórí tẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ lásán ni ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ, fóònù yín á sì tò ó sábẹ́ àwọn ojúlówó álẹ́ẹ̀tì owó tó ti ń wọlé látọdún tó kọjá. Áàpù báńkì yín, tàbí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM, ni ọ̀nà tiyín níbẹ̀.

Ní ti ímeèlì alẹ́, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún lókè rẹ̀, kí ẹ yan "Report phishing". Ẹ fi ímeèlì ọ̀sán sílẹ̀ ní tirẹ̀ títí ẹ ó fi lé kọ̀ǹpútà Ṣábó jáde.